Ẹ Kọ Ohun Tí Ẹni Tó Ń Rà Lè Wọ̀n

"Ilé yàrá mẹ́ta tó rẹwà, tó láyè dáadáa, wà fún títà ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn. Àdúgbò ọlọ́lá ni, kò jìnnà sí títì. Ilẹ̀ gbígbẹ ni. Omi wà, iná ń dúró, ìwé pé. Ẹni bá kọ́kọ́ dé ló ni ín."

Mo kàn hun ìkéde yìí pọ̀ fún àpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti wá ilé rà rí ti ka irú rẹ̀. Ẹ tún un kà, kí ẹ wo ohun tó sọ. Ẹ yọ iye yàrá àti orúkọ àdúgbò kúrò, kò sí nǹkan kan tó kù níbẹ̀ tí èèyàn lè dé ilé náà kó ní irọ́ ni. Ta ni yóò wọn "rẹwà"? Ibo ni "kò jìnnà" parí sí? Nítorí pé ìkéde náà kò sọ nǹkan kan pàtó, oníkálukú ń fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kún un. Ẹni tó ń wá pálọ̀ ńlá á wọkọ̀ wá, ẹni tó ń wá ilé ẹ̀bá títì náà á wá. Wọ́n á wò yíká, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ejẹ́ńtì, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Ìwé kan tí Steven Levitt àti Stephen Dubner kọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, *Freakonomics*, mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìkéde ilé títà níbẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó dárúkọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé, bí òkúta gíránáìtì, sábà máa ń bá owó tó ga rìn. Àwọn ọ̀rọ̀ ìyìn lásán, bí "ó láyè" àti "ó fani mọ́ra", ń bá owó tó relẹ̀ rìn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ló gbé owó wá o. Ẹni tí ilé rẹ̀ ní ohun gidi lára á dárúkọ ohun náà. Ẹni tí kò rí nǹkan dárúkọ ló ń yìn ín.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti kọ ọ̀rọ̀ ìyìn kan sílẹ̀, ẹ bi í léèrè pé: kí ni mo rí lára ilé yìí tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn yẹn gan-an ni kí ẹ kọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí "ó láyè". Ẹ mú tíìpù, kí ẹ wọn yàrá láti ara ògiri dé ara ògiri, nínú ilé, kì í ṣe lóde. Bẹ́ẹ̀dì ńlá tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 níbùú lóròó. Bí yàrá bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, ẹsẹ̀ bàtà 4 péré ló ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó bá jẹ́ 12 sí 14, wọ́dúróòbù àti tábìlì á gbà. Ẹni tó ń rà lè ṣe ìṣirò yìí nínú ilé rẹ̀ kó tó sanwó ọkọ̀.

Ilẹ̀ náà ńkọ́? "Púlọ́ọ̀tì kan" kò tó. Ní Ìbàdàn, ohun tí wọ́n sábà máa ń pè ní púlọ́ọ̀tì ni ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 465 mítà níbùú lóròó. Ní Èkó, 60 sí 120 ni wọ́n mọ̀, ó sì lé ní 660 mítà. Ẹni tó ti Èkó wá rà ní Ìbàdàn lè máa fọkàn sí ilẹ̀ tó fi ohun tó sún mọ́ ìdajì ju ohun tó máa bá lọ. Iye mítà tó wà nínú sọ́fè ni kí ẹ kọ, nítorí òun ni sọfiyọ̀ tí olùrà bá mú wá máa fi wọn ilẹ̀.

"Kò jìnnà sí títì" náà tún nìyẹn. Ẹ má kọ "ìṣẹ́jú márùn-ún", torí ìṣẹ́jú márùn-ún ọlọ́kadà yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ kọ iye mítà láti ibi tí ọ̀dà parí sí dé ẹnu géètì, kí ẹ sì sọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Bí àgbàrá bá ti gbẹ́ ẹ, ẹ sọ ọ́. Olùrà kò ní ṣàì rí i lọ́jọ́ tó bá wá. Bó bá sì ti kà á tẹ́lẹ̀, á gba ohun rere tí ẹ kọ gbọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé omi kì í yalé, ẹ mú ọjọ́ kan tí ará Ìbàdàn mọ̀. Òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ba ọ̀pọ̀ àdúgbò jẹ́ nílùú yìí. "Omi kò wọ ọgbà yìí lọ́jọ́ náà" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí olùrà lè lọ bi aládùúgbò. Omi kànga náà, oṣù kejì sí ìkẹta tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀. Ní ti iná, ẹ kọ báńdì tí ilé náà wà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná Báńdì A ti gbówó lórí, wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán, ni wọ́n ní kí àwọn tó wà níbẹ̀ máa rí. Rìsíìtì owó iná á jẹ́rìí báńdì. Aládùúgbò á jẹ́rìí wákàtí.

Èyí tó léwu jù ni "ìwé pé". Ìwé wo? Rìsíìtì ìdílé, àdéhùn tí lọ́yà kọ, sọ́fè, àti sí-ọ́f-ò tí gómìnà ń fọwọ́ sí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹ dárúkọ èyí tó wà, kí ẹ sì dárúkọ èyí tí kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ má ya fọ́tò ìwé náà sínú ìkéde: oníjìbìtì lè fi ẹ̀dà rẹ̀ ta ilẹ̀ yín fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti wá wo ilé, tó sì ní òun fẹ́ rà, ni kí lọ́yà rẹ̀ gba ẹ̀dà, kó lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ìjọba, pàápàá bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà.

Bí a bá tún ti Àkóbọ̀ yẹn kọ, bó ṣe máa rí nìyí:

"Bọ́ńgàló yàrá mẹ́ta ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn, lórí ilẹ̀ 465 mítà níbùú lóròó. Yàrá ńlá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14. Méjì yòókù, 10 sí 12. Ilé náà fi 350 mítà jìnnà sí ọ̀nà ọlọ́dà. 100 mítà tó kẹ́yìn jẹ́ ilẹ̀ pupa tí àgbàrá ti gbẹ́, mọ́tò kékeré ń rọra gbà á. Omi kò wọ ọgbà lọ́dún 2011. Kànga wà, omi rẹ̀ relẹ̀ lóṣù kẹta ọdún yìí, kò gbẹ. Báńdì B, mítà ilé yìí dá wà. Sọ́fè àti àdéhùn lọ́yà wà. Kò sí sí-ọ́f-ò."

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, èèyàn díẹ̀ ló sì máa pè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè lẹ́yìn tó ti ka ọ̀rọ̀ àgbàrá àti sí-ọ́f-ò kò ní máa béèrè bí ibẹ̀ ṣe rí mọ́. Owó ló máa fẹ́ sọ. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fún ẹnì kan tí kò dé ilé náà rí, kó mú tíìpù dání, kó máa fàmì sí ohun tó bá bá mu. Ohun tí kò bá lè fàmì sí, ẹ yọ ọ́.