Bí Fáìlì Òdì Bá Bá Ìwé Ìwáṣẹ́ Lọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wáṣẹ́ lóde òní ló ní sívíì mẹ́ta mẹ́rin lórí fóònù: ti àtijọ́, èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, àti èyí tí ọ̀rẹ́ kan bá wọn tún tò. Orúkọ wọn sì máa ń jọra: `CV.pdf`, `CV new.pdf`, `CV new 2.pdf`. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ìka á tẹ èyí tí kì í ṣe òun, ímeèlì á sì ti lọ.

Bí èèyàn bá rí i lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé dá dúró. Nínú Gmail, `Undo` máa ń yọjú lẹ́yìn tí a bá ti fi ìwé ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 5 ló sábà máa ń lò, ṣùgbọ́n a lè lọ sí `Settings` ká sọ ọ́ di 30. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyin ti balẹ̀, ó ti fọ́. `Recall` tó wà nínú Outlook kò ní gbani, torí kì í ṣiṣẹ́ lórí ìwé tó ti jáde lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ohun tó kù ni kéèyàn kọ ìwé àtúnṣe sí ẹni tó ń gbani síṣẹ́.

Kó tó kọ ọ́, kó kọ́kọ́ lọ sí `Sent`, kó ṣí fáìlì tó fi ránṣẹ́ gan-an, kó kà á tán. Kó má gbára lé orúkọ fáìlì nìkan. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló fò nínú ọ̀rọ̀ kan, kó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fáìlì òdì, nọ́ńbà fóònù tí kò pé, tàbí ọdún tó ṣiṣẹ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀, àfi kó tún un ṣe. Èyí tó léwu jù ni ti ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó gba Lówà Kírẹ́díìtì tí sívíì rẹ̀ ń sọ pé Ọ́pà ló gbà gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, irọ́ ni wọ́n máa pè é, wọn kò ní pè é ní àṣìṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọbìnrin kan tó ń wá ipò akọ̀wé owó. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fi sívíì àti lẹ́tà ránṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke. Nígbà tó ṣí `Sent` láàárọ̀ Ọjọ́rú, lẹ́tà tó kọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn ló bá níbẹ̀, tòun ti orúkọ ilé iṣẹ́ náà lókè. Gẹ̀ẹ́sì ni ìpolówó iṣẹ́ náà, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi kọ àtúnṣe, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó sọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Lálẹ́ àná ni mo fi ìwé ránṣẹ́ sí yín fún ipò akọ̀wé owó. Lẹ́tà tí mo so mọ́ ọn kì í ṣe ti ipò yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ lo èyí tí mo so mọ́ ìwé yìí. Sívíì mi kò yí padà. Mo tún fi í kún un kí méjèèjì lè wà lójú kan. Ẹ má bínú sí àṣìṣe náà. Ẹ ṣeun, mà.”

Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ló máa tẹ̀ lé e. Kò sí àlàyé pé iná lọ, kò sí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Ohun tí ẹni tó ń ka ìwé náà fẹ́ mọ̀ ò ju mẹ́ta lọ: ta ni, èwo ni kí n jù nù, èwo ni kí n mú?

Ibi tó ti máa kọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Kó ṣí ímeèlì àkọ́kọ́ nínú `Sent`, kó tẹ `Reply`, kó sì wò ó dáadáa pé àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ ló wà lókè. Báyìí, ìwé méjèèjì á wà pa pọ̀, àkọlé tí ìpolówó ní kí wọ́n lò kò sì ní yí padà. Ṣùgbọ́n `Reply` kì í gbé fáìlì àtijọ́ dání. Ìdí nìyẹn tó fi ní láti so gbogbo wọn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí orúkọ fáìlì gbé orúkọ rẹ̀ àti ipò tó ń wá, kó má jẹ́ `CV new 2.pdf` mọ́.

Bó bá jẹ́ orí ìkànnì ilé iṣẹ́ ló ti kọ fọ́ọ̀mù, kó wò ó bóyá àyè wà láti tún un ṣe. Àwọn kan ní `Withdraw`, ṣùgbọ́n kó ka ohun tó wà níbẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, torí ìkànnì mìíràn kì í jẹ́ kéèyàn padà wá béèrè ipò kan náà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi àtúnṣe ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ṣe é kí gbèdéke tó kọjá. Kẹ́ ẹ tó tẹ `Send` lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ṣí fáìlì tẹ́ ẹ so mọ́ ọn kẹ́ ẹ kà á, torí àtúnṣe tó tún gbé fáìlì òdì dání kò ní àwíjàre kankan.