Omi Wọ Sípíkà Fóònù, Ohùn Sì Bò Mọ́lẹ̀

Fóònù bọ́ sínú omi, wọ́n tètè yọ ọ́. Iná rẹ̀ ń tàn, ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ìpè bá wọlé, ńṣe ni ohùn olúwarẹ̀ ń jáde bíi ti ẹni tó da aṣọ ìbora borí. Orin tó máa ń dún ketekete tẹ́lẹ̀ ti wúwo, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yéni mọ́. Kíákíá ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn á lọ sí àpò ìrẹsì. Kó tó débẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tí omi náà ń ṣe níbi tó wà.

Sípíkà fóònù kéré, àmọ́ bí sípíkà ńlá òde ayẹyẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lòun náà ń ṣe. Awọ tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀, wáyà tí wọ́n ká róbótó lẹ̀ mọ́ awọ yìí, òòfà sì wà nítòsí wáyà. Bí iná bá ń gba inú wáyà kọjá, òòfà á máa fà á, á tún máa tì í. Awọ á máa gbọ̀n, ìró á sì gba ihò kéékèèké ìdí fóònù jáde. Àwọ̀n wíwẹ́ kan ló bo ihò wọ̀nyẹn kí eruku má baà wọlé, àwọ̀n yìí gan-an sì ni omi máa ń dì mọ́. Ojú rẹ̀ kéré débi pé omi tó bá dúró síbẹ̀ kì í ṣàn lọ fúnra rẹ̀, ńṣe ló máa ń tẹ́ bo ihò náà. Ìró òkè, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara, ni omi kọ́kọ́ ń pa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ ohùn láìgbọ́ ohun tó ń wí.

Nítorí náà, bí ohùn bá bò mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì ń jáde, ìrètí wà, torí wáyà kò tíì já, awọ sì ṣì ń gbọ̀n. Ibi tí omi wà ló kù ká mọ̀. Bó bá wà lára àwọ̀n tàbí níwájú awọ, a lè lé e jáde. Bó bá ti kọjá sínú ara fóònù, a ò lè fi ìró kankan lé e.

Ẹ jẹ́ ká wo ti aránṣọ kan ládùúgbò wa. Nínú oṣù Keje ni fóònù rẹ̀ já bọ́ sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi mímọ́, kì í sì í ṣe irú fóònù tí wọ́n ṣe láti gba omi mọ́ra. Ó ṣe ohun tó dára jù: ó pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sì fi sí ṣájà. Ó bọ́ àpò fóònù náà kúrò, ó yọ ibi tí síìmù ń wà, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Lẹ́yìn náà ló kọ ihò sípíkà sísàlẹ̀, tó ń fi ìdí fóònù gbá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Omi kán sí i lọ́wọ́. Ó tún fi aṣọ òwú rírọ̀ kan ihò náà kó lè fa omi mu, láìtì í wọnú rẹ̀. Ó wá gbé fóònù náà ti ògiri níwájú fáànù, ihò sípíkà sísàlẹ̀, títí di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, ìbá tètè gbẹ. Ní oṣù Keje, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kún fún omi, èèyàn sì gbọ́dọ̀ ní sùúrù.

Nígbà tó tàn án lọ́jọ́ kejì, ohùn ti dára díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì já gaara. Ìgbà yìí ló tó lo ìró alé-omi tí àwọn èèyàn ń wá lórí Yútúùbù. Ìró ìsàlẹ̀ ni, ó máa ń mú kí awọ gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 165 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀ ń sún awọ lọ sún un bọ̀ gan-an, ó sì ń ti afẹ́fẹ́ lu omi títí omi á fi jábọ́. Kì í ṣe àròsọ: láti ọdún 2016 ni aago ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Ápù ti ń lo ìró láti tu omi sípíkà rẹ̀ dànù. Aránṣọ náà gbé ohùn fóònù sókè tán, ó kọ ihò sísàlẹ̀, ó jẹ́ kó dún fún bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ó dá a dúró, ó nu ihò náà, ó tún un ṣe. Ìsinmi yẹn ṣe pàtàkì, torí wáyà inú sípíkà máa ń gbóná bí ìró ńlá bá ń dún láìdáwọ́dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, omi wíńníwínní jáde, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Àṣìṣe tó ń dùn mí ni ti àwọn tó ń gbé ìró yìí sí fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde. Bí fóònù kò bá jẹ́ irú èyí tó ń gba omi mọ́ra, omi lè ti dé ibi tí iná ń gbà, títàn án sì lè ba ohun tó ju sípíkà lọ jẹ́. Gbígbẹ ló ṣáájú, ìró ló tẹ̀ lé e.

Ìrẹsì kò fa omi ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ, eruku rẹ̀ sì lè dí ihò tí à ń wá bí yóò ṣe là. Ápù pàápàá kìlọ̀ pé kí àwọn tó ní áífóònù má ṣe é. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun burú ju ìrẹsì lọ, torí ooru rẹ̀ lè yọ gọ́ọ̀mù, kó sì ká awọ sípíkà kò. Abẹ́rẹ́ àti igi ìtayín máa ń lu àwọ̀n já. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ọ̀kan nínú ihò méjèèjì ìdí rẹ̀ kì í ṣe sípíkà rárá, ibẹ̀ ni fóònù fi ń gbọ́ ohùn wa. Bí ìró kò bá jáde níbẹ̀, kò bàjẹ́.

Bó bá jẹ́ omi òkun, omi ọṣẹ tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Omi á gbẹ, iyọ̀ tàbí ṣúgà á kù lára àwọ̀n. Fóònù tó ń gba omi mọ́ra ṣeé fi omi mímọ́ díẹ̀ ṣan níbi ihò náà kó tó gbẹ. Èyí tí kò gbà á, aṣọ tí a fi omi mímọ́ ra díẹ̀ la fi ń nù ún, ká sì tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe.

Ìgbà wo la ó jáwọ́? Bí ohùn bá ń dára sí i láti àárọ̀ dé alẹ́, kí a máa gbẹ ẹ lọ. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ omi nìkan ni ìṣòro rẹ̀ mọ́. Orin tó ń ha, tó ń gbọ̀n rìrì nígbà tí ìró ìsàlẹ̀ bá dún, ń sọ pé awọ ti ya tàbí wáyà ti ń ha òòfà, ìró alé-omi yóò sì túbọ̀ bà á jẹ́ ni. Kí a fi íyàpíìsì gbọ́ orin kan náà: bó bá já gaara níbẹ̀, sípíkà nìkan ló níṣòro. Bí kò bá já gaara níbẹ̀ náà, tàbí fóònù ń gbóná, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń wú, tí kúrukùru hàn lábẹ́ gíláàsì, kí a pa á lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kọjá sípíkà.

Ní ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, sípíkà tuntun kì í wọ́n tó ojú fóònù, nínú ọ̀pọ̀ fóònù sì ni ó ti dá dúró, tí wọ́n á kàn tú ìdè díẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kó yẹ inú fóònù wò kó sì fọ ibi tí omi ti dé kó tó fi tuntun sí i, torí ìpẹtà tó bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ á máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹ sì bi í bóyá ó ní gọ́ọ̀mù tí yóò fi dí etí fóònù náà padà. Bó tilẹ̀ ní in, ẹ má tún gbẹ́kẹ̀ lé e lẹ́bàá omi bíi ti àtẹ̀yìnwá.