Bí A Ṣe Ń Sọ fún Akọ̀ròyìn Pé A Ò Ní Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ohùn sọ sórí gúrúùpù lálẹ́ àná la kọ sílẹ̀ yìí, nítorí àwọn tí dátà wọn ò gbé e. Ó dá lórí ohun tí ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa máa ṣe tí akọ̀ròyìn bá pè wá lórí ọ̀rọ̀ tó gbóná.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Uromi. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn ọdẹ Hausa kan ń ti Pọ́tá lọ sílé ní Kánò fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ní Uromi, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó wa níbí, àwọn fijilanté dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n pè wọ́n ní ajínigbé. Àwọn èrò bò wọ́n, èèyàn 16 ló kú. Lẹ́yìn náà, akọ̀ròyìn kan pè mí. Ó ní, "Ṣé ọkàn ẹ̀yin àlejò balẹ̀ ní Bìní?"

Ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Tí mo bá ní ó balẹ̀, àwọn Hausa tó ń kó àlùbọ́sà àti tòmátì wá fún wa máa gbọ́ pé ikú èèyàn wọn ò dùn wá. Tí mo bá ní kò balẹ̀, onílé tó fún wa ní ṣọ́ọ̀bù máa gbọ́ pé a bú ìlú rẹ̀. Kì í ṣe pé akọ̀ròyìn náà burú o, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi nìkan bá sọ, "àwọn Yorùbá ní Bìní sọ pé" ni wọ́n máa pè é.

Nítorí náà, kí a tó dáhùn ohunkóhun, ìbéèrè ni tiwa náà. Kí lorúkọ yín? Ilé iṣẹ́ ìròyìn wo? Kí lẹ fẹ́ mọ̀? Aago mélòó lẹ máa gbé e jáde? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé ẹgbẹ́ máa fèsì kí aago yẹn tó lù, kí ẹ sì gé fóònù. Ẹ má dúró tàkúrọ̀sọ, torí láti ìgbà tó ti sọ pé akọ̀ròyìn lòun, gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ló lè lò. Ẹ wá pe alága àti akọ̀wé, kí ẹ jọ fẹnu kò.

Ọ̀rọ̀ kíkọ la máa fi fèsì, kì í ṣe ohùn. Ohùn ṣeé gé, ó sì ṣeé gbé sórí rédíò. Èyí la fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà:

"Ẹ ṣeun tí ẹ rántí wa. Ẹgbẹ́ wa ò ní sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi alukoro ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ẹdó."

Ó tán. Ẹ kíyè sí i pé a ò sọ ìdí. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já sí kòtò. Tí ẹ bá ní, "Ẹ̀rù ń bà wá ni a ò ṣe lè sọ̀rọ̀," ẹ ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, òun gan-an ló sì máa di àkọlé ìròyìn. Ẹ má sì ní ọwọ́ yín dí, torí ó máa tún pè lọ́la. Ẹ má parọ́ pé ẹ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ tán, kí wọ́n tó ní "ẹ má dárúkọ mi o." Ó ti pẹ́. Òfin ìwà ọmọlúàbí àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà ní kí wọ́n má da àdéhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì ti ṣe kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu yín.

Ẹ tún mọ̀ pé kíkọ̀ wa ò dá ìròyìn dúró. Akọ̀ròyìn lè kọ ọ́ pé a kọ̀ láti sọ̀rọ̀, ó sì lè gba ọjà Ọba lọ bi ẹlòmíì. Ìyẹn la ṣe ń fi sórí gúrúùpù lójú ẹsẹ̀ pé akọ̀ròyìn ń pe èèyàn kiri. Ẹnikẹ́ni lè sọ tẹnu rẹ̀, kó ṣáà sọ pé òun ò sọ ọ́ lórúkọ ẹgbẹ́. Kí ó má sì fi nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ míì sílẹ̀.

Ibì kan wà tí kíkọ̀ ò ti dáa. Tó bá jẹ́ àwa gan-an ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, bóyá wọ́n ní a ń ta ọjà ayédèrú tàbí a gbé ọ̀daràn pamọ́, tí a bá dákẹ́, wọ́n á ní òótọ́ ni. Ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ ní kíkọ, kí a fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta dáhùn ohun tó kàn wá nìkan. Uromi ò sí lára ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ni.