Dáì Inú Àwòrán àti Kíndìnrín: Ta Ló Yẹ Kó Ṣọ́ra?

Bí dókítà bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn, nínú ọpọlọ tàbí nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ó lè ní kó lọ ya àwòrán sítì-síkáànù. Lọ́pọ̀ ìgbà, òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ gún oògùn kan tó mọ́ gaara sínú iṣan apá rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ara á fi gbóná, tí aláìsàn á máa tọ́ irin lẹ́nu, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń rò pé àwọn ti tọ̀ sára. Kọ́ńtíráàsì ni àwọn oníṣẹ́ ìlera ń pe oògùn yìí, dáì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn mọ̀ ọ́n sí. Áyódììnì tó wà nínú rẹ̀ ló ń dínà ìtànṣán ẹ̀rọ, ìyẹn ló sì ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti kókó ara hàn ketekete. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń fún àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bí 100 mílílítà.

Kíndìnrín ló ń gbé dáì náà jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti lè bẹ̀rẹ̀.

Apá inú lọ́hùn-ún kíndìnrín kì í rí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó pọ̀ gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀. Bí dáì bá dé, ó lè mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń lọ síbẹ̀ fún pọ̀, kí ọ́síjìn ibẹ̀ tún dín kù sí i. Lẹ́yìn náà, bí kíndìnrín ti ń fa omi padà sínú ara, dáì tó kù nínú àwọn ọ̀pá tíntìntín tí ìtọ̀ ń gbà á máa ki sí i, á sì máa ba awọ inú wọn jẹ́. Kíndìnrín tó le koko á fara da èyí, á sì ti lé púpọ̀ nínú dáì náà jáde kí ọjọ́ kan tó pé. Èyí tí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti jẹ lára fún ọdún pípẹ́ kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Dáì á pẹ́ nínú rẹ̀, ìwọ̀nba ibi tó ṣẹ́ kù tó ń ṣiṣẹ́ ló sì máa ru gbogbo ẹrù náà.

Ọdún 1954 ni àwọn dókítà ti kọ ìròyìn nípa aláìsàn kan tó ní jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun, tí kò lè tọ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gún irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún un láti ya àwòrán kíndìnrín. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù dáì ti ń ba àwọn oníṣègùn, débi pé àwọn kan ń yẹra fún un kódà nígbà tí aláìsàn nílò rẹ̀. Dáì ayé àtijọ́ sì le lára ju ti òde òní lọ.

Ní ọdún 2013 àti 2014, àwọn olùwádìí ilé ìwòsàn Méyò ní Amẹ́ríkà ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ìṣáájú kò ṣe. Wọ́n kó ìwé àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn tó ya àwòrán pẹ̀lú dáì jọ, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí àìsàn wọn jọra, àmọ́ tí wọ́n ya àwòrán láìsí dáì. Iye àwọn tí kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí èyí fi hàn ni pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn dé inú ẹ̀rọ síkáànù sábà máa ń ní ohun mìíràn tó ń bá kíndìnrín jà: ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀, àkóràn tó wọnú ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru, tàbí abẹ́rẹ́ jẹńtamáísíìnì. Bí kíndìnrín bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kejì, dáì nìkan kọ́ ló yẹ ká dì lẹ́bi.

Àmọ́ ewu náà kò tán. Àwọn kan ló dín kù sí. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ya àwòrán ní Amẹ́ríkà àti àjọ kíndìnrín orílẹ̀-èdè náà jọ fẹnu kò lórí àwọn tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò: àwọn tí eGFR wọn kò tó 30, tí wọn kò sì tíì máa fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ, àti àwọn tí kíndìnrín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Fún ẹni tó wà láàárín 30 sí 44, dókítà lè wo bí ara rẹ̀ ṣe rí kó tó pinnu. Ewu náà tún lè pọ̀ sí i nígbà tí dókítà bá ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan dé ọkàn láti da dáì síbẹ̀, nítorí pé dáì náà lè dé kíndìnrín kó tó lú mọ́ ẹ̀jẹ̀ dáadáa.

Orí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni èèyàn á ti rí eGFR. Ó jẹ́ ìṣirò iye mílílítà ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́ mọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ń ṣírò rẹ̀ láti ara kiriatíníìnì, ìdọ̀tí kan tó ń wá láti inú iṣan ara, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni aláìsàn. Kiriatíníìnì nìkan lè tan ènìyàn jẹ. Bí ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún bá ní 1.3 mg/dL, eGFR rẹ̀ á sún mọ́ 76. Bí ìyá àgbà ẹni ọdún 75 bá ní 1.3 kan náà, tirẹ̀ kò ju 43 lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Ìyá kan jẹ́ ẹni ọdún 68, ó wọn 60 kílógíráàmù, ó ti ń tọ́jú àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Dókítà fura sí kókó kan nínú ikùn rẹ̀, ó sì fẹ́ sítì-síkáànù. Kiriatíníìnì rẹ̀ jẹ́ 2.0 mg/dL, èyí tí àwọn ibi àyẹ̀wò mìíràn á kọ ní 177 µmol/L. eGFR rẹ̀ já sí nǹkan bí 27. Ó ti wọ inú àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá àwòrán tí kò nílò dáì á tó. Bí ó bá jẹ́ òkúta kíndìnrín ni wọ́n ń wá, síkáànù láìsí dáì á fi í hàn. Àmọ́ dáì ló máa sọ irú kókó tó wà nínú ikùn ìyá yìí, nítorí náà dókítà pinnu láti ṣe é, kó sì lo ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí àwòrán náà á fi yanjú.

Omi ló kàn. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní nọ́mà sélàìnì, tí iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 9 nínú lítà kan, ni wọ́n máa ń lò, kì í ṣe omi gúlúkóòsì. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tó nínú iṣan, kí àwọn iṣan tó lọ sí kíndìnrín má fún pọ̀ jù, kó sì là dáì inú àwọn ọ̀pá ìtọ̀. Ìlànà kan tí wọ́n sábà ń tẹ̀ lé ni mílílítà 3 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí kan ṣáájú àwòrán, lẹ́yìn náà mílílítà 1 fún kílógíráàmù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́fà. Fún ìyá wa, èyí jẹ́ 180 mílílítà ṣáájú, àti 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ já sí 540, èyí tó fi díẹ̀ ju àpò dírípù onímílílítà 500 kan lọ.

Ṣé kò wá yẹ kí gbogbo ènìyàn gba dírípù? Ìwádìí kan ní Máásítírìkì ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, dáhùn ìbéèrè yìí. Àwọn aláìsàn 660 tí eGFR wọn wà láàárín 30 sí 59 ni wọ́n pín sí méjì: apá kan gba omi iyọ̀, apá kejì kò gba nǹkan kan. Kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀ fún 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba omi, àti 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gbà. Nínú àwọn tó gba omi, 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì rí ìpalára láti ọwọ́ omi náà, pàápàá kí ọkàn má lè gbé e. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú tàbí tí mímí ń nira fún bó bá dùbúlẹ̀, fi gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó so dírípù mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló tẹ̀ lé e. “Màmá, oògùn wo lẹ lò láti àná?” yẹ kó jẹ́ ìbéèrè nọ́ọ̀sì, ó sì yẹ kí màmá dárúkọ èyí tó rà ní kẹ́mííìsì àti àgbo tó mu pẹ̀lú, nítorí àwọn egbòogi kan máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Oògùn ìrora bí aíbúpúrófẹ́ẹ̀nì àti díkílófẹ́nákì ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù ní kíndìnrín, ara máa ń ṣe kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ kí iṣan ibẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwọn oògùn wọ̀nyí ń dá kẹ́míkà náà dúró. Àwọn tó wà nínú ewu á fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, wọn kò sì ní padà sí wọn títí àyẹ̀wò á fi jáde.

Lásísì, oògùn tó ń mú ìtọ̀ wá, ni àwọn kan rò pé á fọ dáì jáde. Ìwádìí kan ní 1994 fi hàn pé òdìkejì ni: kiriatíníìnì ga sókè fún 11 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba omi iyọ̀ nìkan, àti 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi Lásísì kún un. Bí dókítà bá rí i pé kò léwu, ó lè dá a dúró díẹ̀. Lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinópírììlì, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò. Kí aláìsàn má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.

Mẹtifọ́míìnì, oògùn àtọ̀gbẹ, yàtọ̀. Kì í ba kíndìnrín jẹ́. Kíndìnrín ló ń gbé e jáde, bí iṣẹ́ yẹn bá sì dúró, oògùn náà á kó jọ, ó sì lè mú kí ásíìdì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débi tó lè pa ènìyàn. Pẹ̀lú eGFR 27, ó yẹ kí dókítà ti bá ìyá yìí pààrọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣì ń lò ó, á dá a dúró lọ́jọ́ àwòrán. Ẹni tí eGFR rẹ̀ ju 30 lọ, tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, lè máa lo tirẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ìlànà àwọn dókítà àwòrán ní Amẹ́ríkà, àyàfi bí wọ́n bá fẹ́ gba inú iṣan da dáì sí ọkàn tàbí kíndìnrín.

Bí ó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀, ìkọlù ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ikùn ló gbé aláìsàn dé, wọn kì í dúró de àyẹ̀wò tàbí dírípù kí wọ́n tó ya àwòrán, torí pé ìdádúró náà lè ṣekú pa á kíákíá.

Lẹ́yìn àwòrán, ara kì í sọ ohunkóhun. Aláìsàn lè máa tọ̀ bó ṣe ń tọ̀, kó má sì mọ ìrora kankan. Ìdí nìyẹn tí ìyá yìí á fi padà wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí 48. Bí 2.0 rẹ̀ bá ti di 2.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àkókò yẹn, kíndìnrín ti fara gbá nìyẹn. Ó sábà máa ń ga jù lọ láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, kó sì padà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Àwọn díẹ̀ ni kì í padà fún pátápátá. Bí kò bá sì yí padà, dókítà á sọ èwo nínú oògùn rẹ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ padà.