Àṣìtẹ̀ Kì í Ṣẹlẹ̀ Lásán: Ohun tí Bọ́tìnnì Alámùúlétì Ń Sọ fún Olùṣàtúnṣe

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí àṣìtẹ̀ fi ń tẹ̀lé ìlànà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìka tó bá ṣi bọ́tìnnì kan máa ń balẹ̀ sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́tà tó ṣèèṣì wọlé lè tọ́ka sí èyí tí ẹni tó ń tẹ̀wé ní lọ́kàn, bí a bá ti mọ pátákó ìtẹ̀wé tó lò.

Ẹ jẹ́ ká wo gbólóhùn kan nínú ìtàn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, tí a tẹ̀ láìfi àmì sí:

```
Baba ra ime
```

Lórí pátákó AZERTY tí a mọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, M wà ní ọwọ́ ọ̀tún L gan-an. Bàbá ra ilé nìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí QWERTY tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, M wà ní ìlà ìsàlẹ̀, lábẹ́ J àti K, ó sì jìnnà sí L. Níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ike ni bàbá rà. Àṣìtẹ̀ kan náà ni, ìtàn méjì ló bí.

Báwo la ṣe lè mọ̀ pé kì í ṣe èèṣì lásán? Lẹ́tà 26 ló wà lórí pátákó náà. Bí ìka bá ń ṣìnà káàkiri láìyàn, èyíkéyìí nínú lẹ́tà 25 yòókù lè gba ipò L. Lórí AZERTY, mẹ́rin péré nínú wọn, K, M, O àti P, ló fara kan L. Ìpín 16 nínú 100 ló yẹ kí wọ́n ní. Ẹ ka gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣi L tẹ̀ nínú ìwé kan. Bí iye àwọn mẹ́rin yìí bá ga ju 16 lọ dáadáa, ọwọ́ ló fa àṣìtẹ̀ náà.

Ìlànà yìí ní ààlà. Bí ẹ bá rí "iel" dípò "ile", kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì alámùúlétì: ọwọ́ ọ̀tún la fi ń tẹ L, òsì la fi ń tẹ E, ọwọ́ òsì ló yá ju ọ̀tún lọ. Bákan náà, fóònù tó ń ṣàtúnṣe lédè Faransé lè sọ "ile" di "île". Ìka kọ́ ló ṣe ìyẹn.

Nítorí náà, kí n tó ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ àgbà kan láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, mo máa ń béèrè irú pátákó tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, mo sì ń fi ohun tí wọ́n tẹ̀ gan-an sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtúnṣe mi. Bí mo bá ṣi pátákó mú, mo lè fi ọ̀rọ̀ tí àgbà náà kò sọ sí i lẹ́nu, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn mi kò sì ní rí ibi tí àṣìṣe ti wọlé.