Ẹ̀gbọ́n Tí Kò Jókòó Níwájú Kámẹ́rà

Ẹ jẹ́ ká gbé ìtàn kékeré kan kalẹ̀. Ọmọdékùnrin kan lọ lo ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Níbi tó ti ń bá wọn nu eruku nínú pálọ̀, ó sọ fọ́tò àtijọ́ kan kalẹ̀ lára ògiri. Ọmọkùnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé orúnkún.

"Bàbá, ẹ̀yin nìyí. Ta wá ni ẹnìkejì yín?"

"Kẹ́hìndé ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Gbogbo ilé ló ń pe bàbá àgbà ní Bàbá Táíwò, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Kẹ́hìndé rí. Ó béèrè ibi tí Kẹ́hìndé wà. Bàbá ní, "Ó ti lọ sọ́jà kí n tó mọ ìrìn rìn." Ọmọ náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ bí ìbejì bá kú, nítorí náà kò béèrè ọjà wo. Ó tún wo fọ́tò náà. Àwọn méjèèjì tó jókòó síbẹ̀ á tó ọmọ ọdún méje. Ẹni tó lọ kí ìkejì rẹ̀ tó mọ ìrìn rìn, báwo ló ṣe wá di ọmọ ọdún méje nínú fọ́tò?

Èmi ni mo hun ìtàn yìí, àròsọ ni. Ṣùgbọ́n irú fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àròsọ rárá. Àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá ya irú rẹ̀, àwọn òbí sì gbé e kọ́ sínú ilé wọn. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tóun náà jẹ́ ayàwòrán, bá a pàdé ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1978. Ohun tí àwọn onífọ́tò náà ń ṣe kò ṣòro sọ: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a ya èyí tó wà láàyè, wọn a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sára fọ́tò kan bí ẹni pé àwọn ọmọ méjì ló jókòó pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un lẹ́ẹ̀kejì. Sprague rí ti àwọn ìbẹta kan pẹ̀lú. Ọmọbìnrin nìkan ló kù nínú wọn. Wọ́n yà á bí ó ṣe wà, wọ́n sì tún yà á nínú aṣọ ọkùnrin kí ó lè dúró fún àwọn arákùnrin rẹ̀ tó ti lọ.

Kò yẹ kó ya ẹni tó mọ àṣà ìbejì lẹ́nu. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan bá kú, àwọn òbí a tọ babaláwo lọ, wọn a sì ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère kékeré kan. Ìyá a máa wẹ ère náà, a máa fi osùn pa á lára, a máa fi ẹ̀wà àti epo bọ ọ́, bí ó bá sì ra aṣọ fún èyí tó wà láàyè, a ra ti ère náà pẹ̀lú. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí àwọn méjèèjì so pọ̀, pé bí a bá pa èyí tó lọ tì, ó lè wá pe ìkejì rẹ̀. Nígbà tí ìdílé púpọ̀ di onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, ère dohun tí wọn kò fẹ́ kí àlejò bá nínú ilé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ pé kí àwọn méjèèjì wà papọ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn ìyá. Àwọn kan ra bèbí oníke láti fi rọ́pò ère. Àwọn mìíràn mú ọmọ tó kù lọ sí sítúdíò. Púpọ̀ pásítọ̀ àti àfáà kò bá fọ́tò lára ògiri jà bí wọ́n ṣe bá ère jà.

Báwo wá ni onífọ́tò ṣe ń fi ẹnìkejì kún un? Ọ̀nà kan wà tó jẹ́ pé inú kámẹ́rà ni iṣẹ́ náà ti ń parí. Onífọ́tò á gbé kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, á sì rí i pé kò mì títí iṣẹ́ á fi tán. Á fi páálí dúdú bo ìdajì ojú fíìmù, á jókòó ọmọ sí apá ọ̀tún bẹ́ǹṣì, á sì yà á. Lẹ́yìn náà, á gbé páálí náà sí ìdajì kejì tó ti ya tán, ọmọ á sún sí apá òsì, á tún yà á lórí fíìmù kan náà. Ọ̀nà kejì ni kí ó ya nẹ́gátíìfù méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó bá ń fọ̀ wọ́n nínú yàrá òkùnkùn, á tẹ ọ̀kan sí ìdajì pépà, á fi páálí bo ibẹ̀, á sì tẹ ìkejì sí ìdajì tó kù.

Ọ̀nà kẹta wà fún ẹni tó ti dàgbà díẹ̀ kó tó lọ, tí fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ sì wà nílẹ̀. Onífọ́tò á fi réésà gé e jáde, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán àwọn yòókù, á fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà pa etí ibi tó gé rẹ́, á wá tún gbogbo rẹ̀ yà kó lè di fọ́tò kan ṣoṣo.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wa, ká bá a yẹ fọ́tò bàbá àgbà wò.

Àárín fọ́tò ló kọ́kọ́ yẹ kó wò, ibi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé. Bó bá jẹ́ inú kámẹ́rà ni wọ́n ti ṣe é, tí páálí sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìlà fúnfun kan á gba àárín kọjá lórí fọ́tò. Bó bá sì jẹ́ pé páálí bo ibẹ̀ nígbà méjèèjì, ìlà dúdú ló máa wà níbẹ̀. Onífọ́tò tó mọṣẹ́ a máa fi pẹ́ńsùlù múná kun nẹ́gátíìfù kí ìlà dúdú náà lè pòórá, ṣùgbọ́n aṣọ aláwòrán tí wọ́n ta sẹ́yìn àti pákó bẹ́ǹṣì kì í ṣeé parọ́ fún. Bí òdòdó ara aṣọ náà bá já lójijì láàárín, tàbí tí etí bẹ́ǹṣì kò bára mu, ibẹ̀ ni wọ́n ti pín in.

Lẹ́yìn náà, kó wo ọwọ́ àwọn ọmọ náà. Àwọn ọmọ méjì tó jókòó pọ̀ nítòótọ́ á fara kanra. Èjìká á kan èjìká, tàbí kí ọ̀kan gbé ọwọ́ lé ìkejì. Nínú fọ́tò tí wọ́n pín sí méjì, ohunkóhun tó bá ti kọjá ìlà àárín ti sọnù nìyẹn. Nítorí náà, onífọ́tò kì í jẹ́ kí ọmọ náà sún mọ́ ibẹ̀. Inú fọ́tò bàbá àgbà, àyè bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láti orí dé ẹsẹ̀.

Ojú tó jọra kò jẹ́ ẹ̀rí, nítorí àwọn ìbejì kan wà tí ìyá wọn gan-an kò lè dá mọ̀. Àpá ló ń sọ òótọ́. Bàbá àgbà ní àpá kan lórí orúnkún òsì, níbi tó ti ṣubú lórí òkúta nígbà èwe. Nínú fọ́tò náà, ọmọ méjèèjì ló ní àpá yẹn, lórí orúnkún òsì. Ìkókó tó kú kí ó tó rìn kò lè ṣubú lórí òkúta. Ó hàn nígbà náà pé Táíwò ló jókòó sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí àpá náà bá wà lórí orúnkún òsì ọ̀kan àti orúnkún ọ̀tún ìkejì ńkọ́? A jẹ́ pé nẹ́gátíìfù kan ṣoṣo ni onífọ́tò ní, tó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ sójú fún ìdajì kejì. Ti bàbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìkejì pa ẹnu dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yà á.

Ká ní ọ̀nà gígé àti lílẹ̀ ni wọ́n gbà ni, nǹkan mìíràn ni ọmọ náà ìbá máa wá. Òjìji imú ọ̀kan lè wà lápá ọ̀tún, kí ti ìkejì wà lápá òsì. Ẹnìkan lè mọ́ kedere kí ìkejì ṣe bàìbàì, tàbí kí ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n fi kún un má ní òjìji lórí ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ojúlówó tí wọ́n lẹ̀ náà ló wà lọ́wọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kàn án. Etí ibi tí wọ́n gé á yọ sókè.

Ọmọ náà yí fọ́tò padà, ó sì rí 1952 tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ṣé a lè gba ọdún náà gbọ́? Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1950 ni àwọn tó ń ṣe pépà fọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà kan sí i kó lè funfun nini. Bí a bá tan irú iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ ayédèrú owó wò sí irú pépà bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn, á máa tàn. Bí ti bàbá àgbà bá tàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1952 ni. Bí kò bá tàn, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé ó ti pẹ́, nítorí pépà tuntun mìíràn wà tí kò ní èròjà náà.

Ṣé irọ́ wá ni fọ́tò náà? Lójú tèmi, kì í ṣe irọ́. Ìyá tó sanwó rẹ̀ mọ ohun tó ń rà, onífọ́tò mọ ohun tó ń tà, ọmọ tó jókòó lẹ́ẹ̀mejì náà sì mọ̀. Ẹ̀tàn kò sí láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ náà ń dojú rú nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá kú tán tí fọ́tò sì kù. Ọmọ-ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdílé Kẹ́hìndé kiri. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, ẹnìkan lè gbé fọ́tò náà jáde pé òun wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó dàgbà dé ọdún méje. Fọ́tò ìbejì lè sọ fún wa pé wọ́n bí ọmọ méjì, kò lè sọ pé àwọn méjèèjì dàgbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí fọ́tò àtijọ́ wà lára ògiri yín, ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé nígbà tí ojú wọn ṣì ríran. Ẹ béèrè orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀, ẹ sì béèrè bóyá gbogbo wọn ló jókòó níwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà. Ẹ fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ ìdáhùn sẹ́yìn fọ́tò, kì í ṣe báírò, nítorí tàdáwà báírò lè hàn sójú àwòrán bó bá pẹ́. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé ọ̀kan nínú wọn ti lọ sọ́jà kí wọ́n tó ya fọ́tò, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.