Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ Lábẹ́ Àwòrán Ìyá Àgbà

Bí ọmọ-ọmọ bá fẹ́ kọ nǹkan sábẹ́ àwòrán ìyá àgbà tó ti ṣaláìsí, "ìyá rere" àti "abiyamọ tòótọ́" ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ìyá ta ni kò yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò mọ ìyá náà rí kò ní tipasẹ̀ rẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ojú àwòrán gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú irú èyí tó lè wà nínú àpótí ìdílé kan l'Abẹ́òkúta. Ìyá jókòó sórí àga nílé fọ́tò, wọ́n kọjú sí kámẹ́rà, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọn ò rẹ́rìn-ín. Bí àwọn àgbà ṣe ń ya fọ́tò láyé ọjọ́un nìyẹn: iyì ni wọ́n fẹ́ kó hàn. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé inú wọn bàjẹ́. Gèlè wọn gún régé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ wọn: èékánná àti ìka dúdú ju apá lọ. Aláró ni wọ́n ní Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, aró tó ń wọ aṣọ sì ń wọ èékánná. Ọwọ́ yẹn ni ká sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọdún ńkọ́? Òǹtẹ̀ ẹ̀yìn fọ́tò sọ pé 1974, ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró ti ìyá ni àbíkẹ́yìn wọn, tí wọ́n bí ní 1956, kò sì lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ níbẹ̀. A jẹ́ pé wọ́n tún fọ́tò náà tẹ̀ ni. Ìyá fúnra wọn máa ń sọ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà ogun Adùbí, ìyẹn 1918, nítorí náà wọ́n ti lé lógójì dáadáa nínú àwòrán yìí. A ó kọ "nǹkan bí" ṣáájú ọdún, torí ìṣirò la fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo máa kọ rèé: "Àdùkẹ́, aláró Ìtòkú, pẹ̀lú àbíkẹ́yìn wọn, nǹkan bí 1962. Aró ò tíì ṣí lọ́wọ́ wọn."

Mi ò fi ìyìn kankan kún un. Àdùkẹ́ ni oríkì tí ìyá tó bí wọn fi ń kẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dàgbà, "Ìyá Àgbà" ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, oríkì náà sì fẹ́ẹ̀ parẹ́. Bí a ṣe kọ ọ́ síbẹ̀, a ti kẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá tún kó "sùn un re" mẹ́ta tẹ̀ lé e, ariwo ni yóò dà.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsù tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Bírò máa ń là sí ojú àwòrán. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó mú pẹ́ńsù, ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ìdílé, kẹ́ ẹ béèrè oríkì ìyá àgbà yín lọ́wọ́ wọn. Kò sí lẹ́yìn fọ́tò kankan.